Ìdáhùn Àwòkọ́ṣe sí Ìbéèrè 3: Ṣé Èdè Ló Ń Darí Èrò?

Ìbéèrè: Fi orúkọ àwọ̀ àti ìtọ́ka ààyè gbé àbá líle àti àbá rírọ̀ ti Sapir àti Whorf yẹ̀ wò. (Máàkì 25)

Ìdáhùn: Sapir àti Whorf, onímọ̀ èdè méjì, ni a fi sọrí àbá pé èdè ń darí èrò. Àbá líle ní ohun tí èdè ẹni kò bá lórúkọ fún, ọkàn ẹni kò lè dá a mọ̀. Àbá rírọ̀ ní èdè a máa fa àkíyèsí àti ìrántí sí apá kan, ṣùgbọ́n kò tilẹ̀kùn mọ́ ìyókù. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn nìkan ni ẹ̀rí wa, ojú kan náà la ó máa yípo sí. Ìdánwò tí kò gba ọ̀rọ̀ sísọ ló lè là á.

Lédè Yorùbá, dúdú, funfun àti pupa ló dúró fúnra wọn; àfiwé ni àwọ̀ ewé. Pupa la ń pe epo, pupa náà la ń pe ti inú ẹyin, síbẹ̀ kò sí alásè tí yóò rí abọ́ méjèèjì tí yóò ní àwọ̀ kan náà ni. Ibẹ̀ ni àbá líle ti kọ́kọ́ fọ́.

Àbá rírọ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní tirẹ̀. Èdè Rọ́ṣíà ní orúkọ méjì, siniy àti goluboy, fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní búlúù. Ní 2007, Winawer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọ̀ kan sókè, méjì sísàlẹ̀: èwo ló bá tòkè mu? Àwọn ará Rọ́ṣíà yára sí i nígbà tí méjèèjì bọ́ sí ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú siniy àti goluboy. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń ka òǹkà sínú lọ́wọ́, ìyára náà pòórá. Èyí ló ṣe pàtàkì jù: ìrànwọ́ ojú ẹsẹ̀ ni èdè ń ṣe, kò tún ojú fúnra rẹ̀ dá.

Ní ti ààyè, àwọn Tzeltal ní Tenejapa, Mẹ́síkò, ń fi òkè àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wọn júwe ohun tó wà lórí tábìlì. Àwọn ará Họ́láǹdì ń lo ọ̀tún àti òsì. Levinson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ to ẹran ìṣeré ní ìlà, wọ́n yí ènìyàn kẹ̀yìn sí tábìlì náà, wọ́n ní kó tún un tò bákan náà lórí òmíràn. Bí ẹran bá dojú kọ ọ̀tún, tó sì jẹ́ àríwá, ará Họ́láǹdì á tún kọ ọ́ sí ọ̀tún, tó ti di gúúsù. Tzeltal á kọ ọ́ sí àríwá, tí í ṣe ìhà ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wọn.

Ẹ̀rí yìí lágbára lójú, àmọ́ ìtọ́ni rẹ̀ lábùkù: “bákan náà” ní ìdáhùn méjì tó tọ̀nà. Li àti Gleitman (2002) fi hàn pé èsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà pàápàá ń yí bí àmì tó wà láyìíká bá yí. Ní 2011, nínú ìdánwò mìíràn tí ìdáhùn kan ṣoṣo ti tọ̀nà, àwọn ará Tenejapa lo ara wọn bí òṣùwọ̀n láìsí ìṣòro. Àṣà ni èdè kọ́ wọn; kò gba agbára lọ́wọ́ wọn.