Ẹ̀jẹ́ Ìgbéyàwó Wa ní Kétu

Ọkọ: Ìyá Ìbejì, níwájú Ọlọ́run àti ẹbí wa tó pé jọ sí Kétu lónìí, èmi tí mo ti pé ẹni ọdún 57, tí mo sì ti sin aya àárọ̀ mi, gbà ọ́ ní aya. N kò ní fi ọ́ wé olóògbé láé. Àwọn ìbejì rẹ ti di ọmọ mi.

Aya: Olówó orí mi, mo gbà yín ní ọkọ. N kò ní ní kí ẹ gbé àwòrán ìyá àwọn ọmọ yín kúrò lára ògiri. Ohun tó bá dùn mí, n ó sọ ọ́ fún yín kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí dídákẹ́ ló tú ilé mi àkọ́kọ́ ká. Bí orúnkún bá sì ń ro yín lóru, èmi ni n ó máa fi òrí pa á.