Owó orí tààrà àti owó orí ẹlẹ́bùrú: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ọdún kìn-ín-ní

Ìbéèrè: Kí ló ya méjèèjì sọ́tọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ wo àpò tí owó ti jáde. Bí ẹni tí òfin bù ú fún bá gbọ́dọ̀ fi owó ara rẹ̀ san án, tààrà ni: owó orí owó oṣù, owó orí èrè iléeṣẹ́. Bí ó bá lè gbé e lé orí ọjà kí oníbàárà san án, ẹlẹ́bùrú ni: fáàtì, owó aṣọ́bodè, owó orí ọtí àti sìgá.

Ìbéèrè: Ọ̀gá ló ń yọ owó orí òṣìṣẹ́, òun ló sì ń san án fún ìjọba. Ṣé kò ti di ẹlẹ́bùrú?

Ìdáhùn: Rárá o. Ibí yìí ni máàkì ti ń bọ́ jù. Agbowó lásán ni ọ̀gá. Owó oṣù òṣìṣẹ́ ló dín kù.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́ sà, báwo la ṣe ń ṣírò rẹ̀?

Ìdáhùn: Lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e ń san 15%. Ká ní, lẹ́yìn owó ìfẹ̀yìntì àti àwọn àyọkúrò mìíràn, ₦2,000,000 ló kù fún òṣìṣẹ́ kan. Ẹ yọ ₦800,000. Ó ku ₦1,200,000. 15% rẹ̀ jẹ́ ₦180,000, ìyẹn ₦15,000 lóṣù. Ẹni tó bá ṣírò 15% lórí gbogbo ₦2,000,000 yóò rí ₦300,000, kò sì gba á.

Ìbéèrè: Fáàtì ńkọ́?

Ìdáhùn: 7.5% ni láti oṣù kejì ọdún 2020. Áyọ́ọ̀nù ₦10,000 yóò di ₦10,750. Bí rìsíìtì bá ní fáàtì ti wà nínú ₦10,750, ẹ má ṣe wá 7.5% rẹ̀, ₦806.25 lẹ máa rí. Ẹ fi 1.075 pín in, ₦10,000 á jáde, fáàtì jẹ́ ₦750.

Kì í ṣe gbogbo ₦750 yẹn ni ọlọ́jà ń kó fún ìjọba o. Bí ó bá ra áyọ́ọ̀nù náà ní ₦8,000, tó sì san fáàtì ₦600 lé e, ₦150 ló kù tí yóò san.

Ìbéèrè: Ìyá tó ń ra gàrí lọ́jà, ṣé ó ń san fáàtì?

Ìdáhùn: Lórí gàrí, rárá, 0% ni fún oúnjẹ pàtàkì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ra áyọ́ọ̀nù yẹn, ₦750 kan náà ló máa san pẹ̀lú ọlọ́rọ̀. Bí owó tó ń wọlé fún un lóṣù bá jẹ́ ₦75,000, 1% rẹ̀ ti lọ. Ẹni tó ń gba ₦750,000 pàdánù 0.1% péré.

Ìbéèrè: Bí ọlọ́jà bá ní òun fúnra òun á gbé fáàtì náà ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹlẹ́bùrú ló ṣì jẹ́. Òfin gbà á láyè láti bu ú fún oníbàárà; òun ló yàn láti fi dín èrè tirẹ̀ kù.