Àkọsílẹ̀ Ìpàdé Ìgbìmọ̀ Tó Yẹ Ìwé Ìbéèrè Owó Ìrànwọ́ Wò

Ìpàdé yìí wáyé ní pálọ̀ Bàbá Alága ní Gáàkì, Éríà 11, Àbújá, lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, ọdún 2026. Aago mẹ́wàá àárọ̀ la pè é. Ó kọjá ogún ìṣẹ́jú kí a tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó jókòó ni Bàbá Alága, Alhaja Ìyálájé, Ẹnjinníà, Akápò àti aṣojú àwọn ọ̀dọ́. Èmi akọ̀wé ń kọ̀wé ni, n kò fún ẹnikẹ́ni ní máàkì. Nítorí ààwẹ̀, a fẹnu kò pé a ò ní kọjá aago méjì, a ò sì gbé oúnjẹ kalẹ̀. Iná lọ láago mọ́kànlá, ooru sì mú gan-an.

Owó tó wà nílẹ̀ ni mílíọ̀nù 5 náírà. Ìwé mẹ́fà ló wọlé. Máàkì 100 la pín báyìí: àǹfààní tí iṣẹ́ náà máa ṣe fún àwọn Yorùbá ènìyàn wa àti aládùúgbò wọn, 30, bóyá àwọn tó ń béèrè lè ṣe é lóòótọ́, 25, ìṣirò owó, 25, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí owó wa bá tán, 20. Olúkúlùkù ti fún máàkì tirẹ̀ nílé, ó sì dì í sínú àpòòwé, kí ẹnikẹ́ni má baà wo ojú Alága kó tó kọ tirẹ̀. Èmi ni mo já àpòòwé, mo ro máàkì wọn pọ̀, mo sì fi iye àwọn tó fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní máàkì pín in.

Kí a tó já àpòòwé kankan, Akápò dìde, ó ní àbúrò òun obìnrin wà lára àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Kúbwà. Òun fúnra rẹ̀ ò fún wọn ní máàkì. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó kan Kúbwà, ó jáde lọ sí báráńdà, kò sì wọlé títí a fi parí ọ̀rọ̀ wọn.

Ìwé tó pẹ́

Ìwé kẹfà wá láti Sábọ́ń Gàrí, ní Kánò. Wọ́n fẹ́ gba ohùn àwọn àgbà Yorùbá tó ti pẹ́ níbẹ̀ sílẹ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kejì la ti ilẹ̀kùn; aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni tiwọn wọlé. Wọ́n ní nẹ́tíwọ́kì ni kò sí. Aṣojú ọ̀dọ́ bẹ̀bẹ̀ fún wọn, Ẹnjinníà gbè é lẹ́yìn. Alhaja ní ẹni tó dé láago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta ńkọ́, tó sáré títí ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, ṣé aṣiwèrè ni? A dìbò: mẹ́ta sọ pé rárá, méjì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. A ò fún un ní máàkì. Mo ti ka ìwé náà, ó dùn mí, ṣùgbọ́n ìbò ti jáde. A ní kí wọ́n tún un mú wá lóṣù Kẹwàá.

Ipò kìíní: ẹ̀kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, àwọn opó ní Jọ́ọ̀sì, máàkì 86

Máàkì tí wọ́n gbà ni 86, 82, 90, 85 àti 87. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ìwé wọn, lórí pépà ilé ìwé, kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Aṣojú ọ̀dọ́ ní òun kọ́kọ́ fẹ́ jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àmọ́ ìṣirò wọn ló fà á padà. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ 12, ní 95,000 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 1,140,000. Owó olùkọ́ fún oṣù mẹ́fà, 50,000 lóṣù, jẹ́ 300,000. Aṣọ àti òwú, 210,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,650,000 bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, ìwé iye tí oníṣòwò méjì pè sì wà níbẹ̀.

Ohun tó tún wú wa lórí ni pé wọn ò béèrè ẹ̀rọ oníná. Wọ́n kọ ọ́ pé, "Ina ki i duro lodo wa, ese wa si n duro." Alhaja rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú. Ẹ̀rọ náà máa jẹ́ ti ẹgbẹ́, kò ní di ti ẹnì kan. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ tán máa san díẹ̀díẹ̀ padà fún títún ẹ̀rọ ṣe. A fọwọ́ sí gbogbo owó tí wọ́n béèrè.

Ipò kejì: ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá ọjọ́ Sátidé, Kúbwà, máàkì 84

Ẹni mẹ́rin ló fún wọn ní máàkì: 88, 80, 84, 84. Ọmọ 71 ló ń wá báyìí. Wọ́n béèrè 1,200,000 náírà, ìṣirò rẹ̀ sì tọ́: olùkọ́, ìwé kíkà, owó gbọ̀ngàn, ohun ìkọ̀wé. Èmi tí ọmọ mi ń fi Gẹ̀ẹ́sì kí ìyá àgbà rẹ̀ lórí fóònù, mo mọ ìdí tí ilé ẹ̀kọ́ náà fi kún. Ohun tó mú wọn wà lẹ́yìn Jọ́ọ̀sì ni pé àwọn òbí ò san kọ́bọ̀, wọn ò sì sọ ẹni tó máa sanwó olùkọ́ lẹ́yìn oṣù kẹjọ iṣẹ́ náà. A fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀, a sì ní kí wọ́n bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ kí oṣù kẹrin iṣẹ́ náà tó pé.

Ipò kẹta: kíkọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní adìrẹ, Kárù, máàkì 74

Iṣẹ́ náà dára, àwọn tó fẹ́ kọ́ni sì mọṣẹ́. Wọ́n kọ 1,800,000 sí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Akápò ro ohun tí wọ́n tò pọ̀, 1,620,000 ló bá. A ò rí ibi tí 180,000 wọlé sí. Jẹnẹrétọ̀ 220,000 tún wà níbẹ̀. Alhaja ní láti ìgbà wo ni aró ti ń lo iná. Ẹnjinníà béèrè ibi tí wọ́n máa da omi aró tó kún fún sódà sí, nítorí gọ́tà àdúgbò ò gbọdọ̀ jẹ́ ibẹ̀. A yọ jẹnẹrétọ̀ kúrò. Wọ́n máa gba 1,400,000 nígbà tí wọ́n bá ti kọ ètò omi aró wá.

Ipò kẹrin: kànga ẹ̀rọ, Màràràbá, máàkì 58

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Bàbá Alága fún wọn ní 81. Àwọn yòókù, 45, 52, 50 àti 62. Bàbá ní òun mọ àdúgbò náà, àwọn ọmọdé ń ra omi lọ́wọ́ àwọn mẹ́rúwà lójoojúmọ́, kí ni ó wá tó omi? Kò sẹ́ni tó jiyàn. Ẹnjinníà ní ilẹ̀ agbègbè yìí jẹ́ àpáta líle nísàlẹ̀, inú ibi tó bá ti sán lomi máa ń wà. Ẹni tó bá gbẹ́ láìyẹ ilẹ̀ wò lè san gbogbo owó kó má bá omi. Ìwé wọn ò ní àyẹ̀wò ilẹ̀, ó kàn ní "a ti mọ ibi tó dára." Ilẹ̀ náà pàápàá, ẹnì kan ló ni ín, kò sì sí ìwé pé ó yọ̀ǹda rẹ̀ fún àdúgbò, lọ́la ó lè fi ọgbà yí kànga náà ká. Owó tí wọ́n béèrè, 3,500,000, tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó wa.

Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ ò yí mi lọ́kàn padà nípa omi, ẹ yí mi padà nípa ilẹ̀." A fún wọn ní 250,000 náírà fún àyẹ̀wò ilẹ̀ àti ìwé ìyọ̀ǹda, kí wọ́n lè padà wá.

Ipò karùn-ún: àyẹ̀wò ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní ọjà, Gwagwaládà, máàkì 49

Wọ́n fẹ́ wọn ìfúnpá ènìyàn 1,000 lọ́jọ́ méjì. Wọn ò sọ ibi tí ẹni tí tirẹ̀ bá ga máa lọ. A ò fún wọn lówó.

Owó tí a pín jẹ́ 4,500,000. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 tó kù wà lọ́wọ́ Akápò di oṣù Kẹwàá. Èmi ni màá kọ lẹ́tà sí gbogbo wọn kí ọjọ́ 21 oṣù yìí tó pé, máàkì àti ìdí rẹ̀ á sì wà nínú lẹ́tà náà. Ìpàdé parí ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Alhaja ló gbàdúrà ìparí.