Ìyọ̀ǹda Àlejò Lórí Gbígbà àti Pípa Àkọsílẹ̀ Ìdánimọ̀ Mọ́: Apá Kejì Fọ́ọ̀mù Ìforúkọsílẹ̀

Àlejò wa, ẹ kú ìrìn, ẹ sì káàbọ̀ sí ilé ìtura wa ní Tankẹ, Ìlọrin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka apá yìí tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ wa kà á sí yín létí, ẹ sọ fún un. Kò gbọdọ̀ kán yín lójú, bí àlejò tilẹ̀ tò dé ẹnu ọ̀nà.

Ohun tí a ń kọ sílẹ̀ ni orúkọ yín bí ó ti wà lórí ìwé ìdánimọ̀, àdírẹ́sì ilé, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà ọkọ̀ bí ẹ bá gbé ọkọ̀ wá, ọjọ́ tí ẹ dé àti ọjọ́ tí ẹ ó lọ, pẹ̀lú orúkọ ẹnikẹ́ni tí ẹ jọ máa sùn nínú yàrá. A óò wo káàdì ìdìbò, ìwé àṣẹ ìwakọ̀, páásípọ́ọ̀tù tàbí káàdì NIN yín, a óò kọ irú ìwé tó jẹ́ àti nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn rẹ̀, a óò sì dá a padà lójú ẹsẹ̀. Àlejò tó bá ti ilẹ̀ òkèèrè wá nìkan ni a ń kọ nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ pé. A kì í gba káàdì sílẹ̀ bí ohun ìdógò: òṣìṣẹ́ tó bá bèèrè bẹ́ẹ̀, a kò rán an. A kò nílò nọ́ńbà BVN, a kò sì ń bèèrè ẹ̀sìn.

Ìdí tí a fi ń kọ ọ́ ni pé ẹni tí a fún ní kọ́kọ́rọ́ ni yàrá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá dé lóru tó ní kọ́kọ́rọ́ òun sọnù, àkọsílẹ̀ yìí ni a ó fi mọ̀ bóyá òun ló ni yàrá. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, òun ni a ó fi ka orí àwọn tó wà nínú ilé. Bí ẹ bá sì gbàgbé ẹrù, nọ́ńbà fóònù yín ni a ó pè. Nítorí náà, a kò lè fún ẹni tí kò bá sọ orúkọ rẹ̀ ní yàrá, a kò sì fẹ́ fi orúkọ ìyọ̀ǹda bo èyí mọ́lẹ̀.

Ohun méjì péré ni ìyọ̀ǹda yín wà fún, ẹ sì lè kọ̀ láti yọ̀ǹda méjèèjì kí ẹ sì gba yàrá yín ní iye owó kan náà. Èkíní ni pé kí a ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé ìdánimọ̀ yín, èyí tí a óò fà ya ní ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá lọ. Èkejì ni pé kí a máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín nípa ẹ̀dínwó, pàápàá lásìkò ìkẹ́kọ̀ọ́yege Yunifásítì Ìlọrin tí yàrá máa ń wọ́n.

Ìwé àkọsílẹ̀ náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù alágàádágodo ní ọ́fíìsì máníjà, èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà sì ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Oṣù méjìlá ni a ń fi pa á mọ́ kí a tó pa á run, àfi bí ẹjọ́ tàbí gbèsè kan bá ṣì wà nílẹ̀. A kì í tà á. Ọlọ́pàá tó bá fẹ́ wò ó gbọ́dọ̀ mú lẹ́tà tí ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí tàbí àṣẹ ilé ẹjọ́ wá. Ẹbí tó bá dé ẹnu ọ̀nà tó ń bèèrè nọ́ńbà yàrá yín, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín, a ó kọ́kọ́ pè yín ni. Kí ẹ má bínú bí wọ́n bá ní a kò mọ èèyàn.

Lábẹ́ Òfin Ààbò Ìsọfúnni ti Nàìjíríà, ọdún 2023, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ohun tí a kọ nípa yín, láti ní kí a tún àṣìṣe ṣe tàbí kí a pa ohun tí a kò nílò mọ́ rẹ́, àti láti gba ìyọ̀ǹda yín padà nígbàkigbà. Ẹ kàn sọ fún máníjà, lẹ́nu tàbí lórí ìwé. Ohun tí a ti ṣe kí ẹ tó gbà á padà kò di ẹ̀ṣẹ̀. Bí ìdáhùn wa kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè fi ẹjọ́ wa sun Àjọ tó ń mójútó Ààbò Ìsọfúnni ní Nàìjíríà. Bí àkọsílẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́nà tó lè pa yín lára, a óò fi tó Àjọ náà létí láàárín wákàtí 72, a óò sì pe ẹ̀yin náà láì jáfara.

Òbí tàbí alágbàtọ́ ni yóò fọwọ́ sí i fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18.

Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí, tàbí wọ́n ti kà á fún mi ní èdè tí mo gbọ́. Àpótí tí mo fàmì sí nìkan ni mo yọ̀ǹda fún. Èyí tí mo fi sílẹ̀ lófo, n kò gbà á.