Àtòjọ Iṣẹ́ Ìdájí

Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá nígbà tí ìpè karùn-ún wọlé fún Mọ́rẹ́nikẹ́ ní gáréèjì bọ́ọ̀sì Ìkòròdú. Awakọ̀ márùn-ún ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Oúnjẹ òde ìsìnkú kan náà ni gbogbo wọn jẹ.

Bọ́ọ̀sì aago márùn-ún ìdájí kò gbọdọ̀ yẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ gba iṣẹ́ l'Érékùṣù Èkó ló ń kó. Ó pe Bàbá Káyọ̀dé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi mú ti ìdájí."

"Mọ́rẹ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ni."

Ó pa orúkọ wọn rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò sùn kò lè kó ẹ̀mí èèyàn kiri. "Ẹ máa sùn, sà. Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ wá."

Ó fa awakọ̀ ọ̀sán mẹ́ta tó sinmi lónìí wá sí àárọ̀, ó dín bọ́ọ̀sì ọ̀sán kù, torí èrò kì í pọ̀ nígbà náà. Ìyá Tómi, tó ń kọ́ awakọ̀ tuntun, gbà láti wa ti aago márùn-ún.

Ó ku àyè kan. Kò fi ẹnikẹ́ni dí i. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sí pátákó ẹnu ọ̀nà: "Bọ́ọ̀sì 5:40 kò ní sí lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ti 5:20."