Ọ̀rọ̀ Ìdágbére Lórúkọ Àwa Akẹ́kọ̀ọ́jáde

Ọ̀gá Àgbà yunifásítì wa, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n àti olùkọ́, ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ gbogbo, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ti ń bi ìyá yín láti àárọ̀ pé ìgbà wo ni a máa jẹun, ẹ kú ìkàlẹ̀.

Olùkọ́ wa kan máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ kan péré ló kù, kí wọ́n tó fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣàlàyé rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ wọn, èyí nìkan ni n kò ní lò lónìí.

Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà lára ìwé ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbé e dúró. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ san owó tí ẹ̀yin nìkan mọ bí ẹ ṣe rí i. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ fi yíǹkì pupa kọ "ṣàlàyé síwájú sí i" sí ẹ̀gbẹ́ ìwé wa, títí ó fi yé wa pé ìdáhùn tí kò ní ìdí kò tíì pé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣí yàrá àyẹ̀wò kí a tó dé, tí ẹ sì ń fọ ìgò tí a bá fi sílẹ̀, a kì í sábà dárúkọ yín nínú àbọ̀ ìwádìí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ní gbangba lónìí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bí iṣẹ́ bá ku ọ̀la ká fi lé olùkọ́ lọ́wọ́, ẹnì kan á bèèrè lóru bóyá ẹnikẹ́ni ti bẹ̀rẹ̀, ọkàn gbogbo wa á sì balẹ̀ nígbà tí kò bá sẹ́ni tó tíì bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ yé á ti ṣàlàyé fún ẹni tí kò yé. Ìwà yẹn ni kí a mú lọ. (Ẹ̀yin òbí, kì í ṣe ìfiṣẹ́falẹ̀ náà ni mo ń wí.)

Ní 1928, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Alexander Fleming, rí i pé ohun kan tó hù sínú àwo rẹ̀, irú èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó bu, ń pa kòkòrò àrùn. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí Howard Florey, Ernst Chain àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn tó sọ ọ́ di pẹnisílíìnì, oògùn tó wúlò fún aláìsàn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ gba ẹ̀bùn Nóbẹ́lì ní 1945. Àwọn kan nínú wa yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ẹlòmíràn yóò parí, àwọn mìíràn yóò sì parí ohun tí wọn kò bẹ̀rẹ̀. Kò sí èyí tó kéré níbẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a ó rí lè má bá ohun tí a kọ́ mu rárá. Ẹ jẹ́ ká gbà á tọkàntọkàn, ká sì máa bèèrè ìdí.

Kí a tó túká, kí olúkúlùkù wa fún akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kí ó sì máa gbé ìpè rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde. Ẹ kọjú sí àwọn òbí, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ wa, kí a sì pàtẹ́wọ́ fún wọn.