Lẹ́tà sí Bàbá àti gbogbo ẹbí lórí ilẹ̀ ẹ̀bá títì

Ẹ̀ka Ìmọ̀ Òfin,
Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀,
Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ 14, oṣù Kejì, 2025.

Bàbá wa, ẹ̀yin bàbá kékeré àti ẹ̀yin ìyá wa gbogbo,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ẹ̀ẹ̀rùn. Bọ̀dá Ràsákì ni mo ní kó ka lẹ́tà yìí sí yín létí, torí ọ̀rọ̀ yìí kọjá èyí tí a ń sọ lórí fóònù tó ń já.

Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ gbowó ilẹ̀ ẹ̀bá títì lọ́wọ́ oníbúlọ́ọ̀kù, pé obì àti ọtí ti tó láìkọ ìwé, ọ̀rẹ́ ẹbí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbà á. Lóòótọ́, lábẹ́ àṣà wa, bí wọ́n bá sanwó níwájú ẹlẹ́rìí, tí a sì mú ẹni tó rà á dé orí ilẹ̀, a ti tà á nìyẹn. Kọ́ọ̀tù pàápàá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí a máa kú. Ilẹ̀ etí odò tí Bàbá Àgbà tà ńkọ́? Wọ́n ní ìdí ìrókò ló mọ. Ìrókò ti wó, ẹlẹ́rìí méjèèjì ti lọ, àwọn ọmọ ẹni tó rà á sì ti ń gbin kòkó bọ̀ lẹ́yìnkùlé wa.

Ìyá mi ní ìwé gan-an ni wọ́n fi ń jí ilẹ̀ gbà lọ́wọ́ púrúǹtù. Wọn ò parọ́. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí ẹni tó kọ ìwé fún ẹni tí kò mọ̀wé kà á fún un, kó túmọ̀ rẹ̀ kó tó tẹ̀ka, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sí i. Ẹ má tẹ ìka sórí ìwé òfìfo láéláé, ì báà ṣe èmi ni mo gbé e wá.

Bàbá, ẹ má bínú: bí ẹ̀yin nìkan bá fọwọ́ sí i láìsí àwọn àgbà ìdí-igi yòókù, wọ́n lè lọ tú u ká ní kọ́ọ̀tù. Bí wọ́n bá sì tà á lẹ́yìn yín, òfo ni. Nítorí náà, ìdí-igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Àwọn ọmọbìnrin tó ti lọ ilé ọkọ náà ńkọ́? Ilẹ̀ bàbá tiwọn náà ni.

Kí sọ́fíyọ̀ wọn ilẹ̀ náà, kí wọ́n kọ iye owó àti ààlà sínú ìwé. Ẹ má hú pèrègún o. Gbígba àṣẹ ìjọba lábẹ́ òfin ilẹ̀ ọdún 1978, ìnáwó oníbúlọ́ọ̀kù nìyẹn.

Mò ń bọ̀ nílé ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí. Ẹ bá mi to orúkọ àgbà ìdí-igi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí oníbúlọ́ọ̀kù mú ẹlẹ́rìí méjì tirẹ̀ wá.

Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà. Gàrí tí wọ́n fi ránṣẹ́ ti tán.

Ọmọ yín,
Àdùkẹ́